Kò Sẹ́ni Tó Lè Ṣẹlẹ̀ Ìjàǹbá

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn ọkọ mi kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń sọ. Aago méje ku díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù kẹta, ilẹ̀ ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí. Mo wà ní kíṣìnì wa ní Corduff, ní Dublin, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́tùlù, mo ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ níbi tó dúró sí ní Citywest.

"Ìyá Moyọ̀, bọ́ọ̀sì ti dé o. Ṣé *the bus was arrived* ni, àbí *the bus arrived*?"

"Ẹ dán an wò fúnra yín. Ṣé wọ́n lè dé bọ́ọ̀sì?"

"Àfi tí wọ́n bá fẹ́ dé e ládé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó yá, mo ń wọlé," ó sì pa fóònù. Bọ́ọ̀sì méjì ló máa ń wọ̀ kó tó délé. Inú èkejì ni ọkàn rẹ̀ ti dúró. Awakọ̀ rò pé ó sùn lọ ni, torí gbogbo àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ló máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì yẹn.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀rín yẹn, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní àwa méjèèjì ti ń ṣarán.

Ládiípọ̀ ni orúkọ ọkọ mi. Ìbàdàn la ti fẹ́ra, nígbà tó ń tún rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí lọ. Bí ènìyàn bá gbé rédíò tó ti dákẹ́ wá, kò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Á máa wò ó, á máa wò ó, bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Á wá ní, "Rédíò kì í dákẹ́ fúnra rẹ̀. Nǹkan kan ló pa á lẹ́nu mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń gbé ayé. Bí ìrẹsì bá jóná, nǹkan ló fà á. Bí ojú ọ̀run Ireland bá ṣú ní ọ̀sán gangan, nǹkan ló fà á, á sì dúró lójú fèrèsé títí yóò fi rí i.

Ọdún 2001 la dé ìlú yìí. Wọ́n fi wá sí ilé kan tí àwa àti ìdílé mọ́kànlá jọ ń jẹun nínú gbọ̀ngán kan. Ibẹ̀ ni mo ti bí Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ wa kan ṣoṣo. Nígbà tí a rí ìwé ìgbélùú gbà, Ládiípọ̀ rí iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Citywest. Iṣẹ́ òru ni. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe é. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣe é.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe ilé tí ọkọ ti ń sùn lọ́sàn-án. Kọ́tìnì kì í ṣí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá rá wọlé máa ń dà bí omi tí ènìyàn wẹṣẹ̀ sí, pípọ́n rúsúrúsú. Èmi àti Moyọ̀ kọ́ láti máa rìn bí ológbò, a kọ́ láti máa sín sínú aṣọ. Mo ń gbálẹ̀ ilé ìwé kan ní Huntstown, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń lọ. Bí mo bá ń wọlé, òun ń jáde. Ẹnu ọ̀nà la ti máa ń ríra. Á gba báàgì lọ́wọ́ mi, màá gba ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Ó dàárọ̀ o," màá ní, "Ẹ káàárọ̀ nìyẹn." Bí ó bá wá ní ìsinmi, ara rẹ̀ kò gbà pé òru ni òru. Màá jí láago mẹ́ta, màá gbọ́ ọ nísàlẹ̀ tó ń tú rédíò aládùúgbò kan palẹ̀. Àwọn ará Ireland ló kọ́ ọ láti máa pe gbogbo ohun tí kò bá rántí orúkọ rẹ̀ ní *yoke*, kó sì máa pe kọ́bọ́ọ̀dù ní *press*. "Ìyá Moyọ̀, bá mi mú *yoke* yẹn nínú *press*." Màá ní, "*Yoke* wo nínú *yoke* wo?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: iṣẹ́ ọ̀sán. Ó ní òun fẹ́ sùn lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun bí ọmọ ènìyàn, kí òun jí, kí òun bá mi níbẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń bèèrè ohun kékeré.

Àmọ́ ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ ọ̀sán níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kọ ìròyìn tí àwọn oníbàárà á kà. Ìdánwò wà fún un. Wọ́n á jókòó sí yàrá kan, wọ́n á sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, wọ́n á ní kí o fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí fóònù, kò sí ẹni tó máa bá ọ wò ó. Ládiípọ̀ ṣe é ní oṣù kọkànlá, kò yege. Micah, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ireland tó fi ogún ọdún kéré sí i, tó sì ń pè é ní *Laddie*, pè é jókòó, ó fi ìwé náà hàn án. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn fi bírò yí ọ̀rọ̀ kan náà po níbi mẹ́fà. Ó ní, "*Laddie*, oṣù kẹta a tún máa ṣe é. Lọ tún èyí ṣe."

Ó gbé ìwé náà wálé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìyí: *The accident was happened last night.*

*Was* ni Micah yí po.

"Kí ló burú níbẹ̀?" Ládiípọ̀ bi mí. Bí ẹni pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ìwé kẹrin ni mo kà dé; Bíbélì ni mo fi mọ Yorùbá kà.

A forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà ní Blanchardstown, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí n wá jókòó ti òun, kí ojú má bàa ti òun nìkan. Ta la bá níwájú bọ́ọ̀dù? Tẹniọlá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sí ìlú yìí. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì Dublin ló fi ń fèsì, mo ń kọ ọ́ síbí ní Yorùbá bí ó ṣe yé mi. Ó kúnlẹ̀ kí wa níwájú gbogbo kíláàsì, ló bá tún dìde di tíṣà.

Ó ka gbólóhùn náà. Ó ní, "*Daddy*, ẹ yọ *was* kúrò. *Happened* ti fi hàn tẹ́lẹ̀ pé ó ti kọjá."

"Àná ńkọ́? Àná ló ṣẹlẹ̀."

"*-ed* tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbé àná dání, sà."

"Ó dáa. *The gate was damaged*. O ò yọ *was* tibẹ̀. Ṣé *-ed* kò sí níbẹ̀ ni?"

Tẹniọlá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, nǹkan kan ló ba géètì jẹ́.

Inú ọkọ mi dùn bí ẹni pé ó ti mú olè. "Ẹ̀n-ẹ́n! Nǹkan kan ló fa ìjàǹbá náà. Ìjàǹbá kì í dìde fúnra rẹ̀ kó lọ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe é ni. Mo ti tún rédíò ṣe fún ọdún mẹ́tàdínlógún, Tíṣà, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lásán."

Ọmọ náà yà á sórí bọ́ọ̀dù. Ó ya ẹni tó ń fọ́ ife, ó ya ife tí wọ́n fọ́. Ó ní bí a bá fẹ́ fi ife ṣíwájú, kí ẹni tó fọ́ ọ bọ́ sẹ́yìn tàbí kó pòórá, ìgbà náà la máa ń pe *was* wá: *the cup was broken*. Àmọ́ *happen* kò ní ẹni tó ń ṣe é sí nǹkan. Nǹkan náà nìkan ló dá wà níbẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ yí padà. Ó sọ ọ́ dáadáa. Gbogbo kíláàsì mi orí. Ládiípọ̀ náà mi orí, mo sì mọ irú orí tó mì yẹn, òun ló máa ń mì fún àwọn tó ń wàásù ní ojú ọ̀nà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó kọ ìròyìn tuntun, *was* márùn-ún ló wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kó wà.

Báyìí ni oṣù kejì ṣe wọlé. Ó ń ka gbólóhùn náà lójú oorun. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ìta yàrá lọ́sàn-án: *was happened*, *happened*, *was*. Ohùn rẹ̀ máa ń dún láti inú òkùnkùn yẹn bí rédíò tí ibùdó rẹ̀ jìnnà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú oorun, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ó ti sú mi, Ìyá Moyọ̀. Màá ṣe òru kú ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Yorùbá."

"Yorùbá wo? Ṣé Yorùbá ni Micah máa fi bi mí?"

"Ẹ ṣáà dá mi lóhùn. *I was born*. Kí la ń pè é nílé?"

"Wọ́n bí mi."

"*The cup was broken*."

"Wọ́n fọ́ ife."

"*The door was locked*."

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kí lo ń lé gan-an?"

"*The accident was happened*."

Ó la ẹnu. "Wọ́n... wọ́n ṣẹlẹ̀..." Ó dúró. Ó gbé e yí lẹ́nu bí ẹni tó jẹ òkúta nínú ẹ̀wà. "Wọ́n ṣẹlẹ̀ ìjàǹbá."

A wo ara wa.

"Kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Ta ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ rẹ̀?" mo bi í.

Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, ó rín in títí ó fi wúkọ́. Moyọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "*Are yous all right?*" ẹ̀rín wa tún wá pọ̀ sí i. Nígbà tí ó mí kanlẹ̀ tán, ó gbé ìka sókè, torí kì í gbà bọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n nǹkan ló fà á o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fà á. *The accident was caused*. Fà ni kẹ́ ẹ gbé *was* fún. Ẹ má gbé e fún ṣẹlẹ̀."

Mo rí i tí ó ń wo ọ̀rọ̀ náà bó ṣe máa ń wo rédíò, láìfọwọ́ kàn án.

Àtìgbà náà ló di eré wa. Ó sùn? Wọ́n kò lè sùn mí. *I slept*. Ó jí? Wọ́n lè jí mi; *I was woken*. Ó ṣubú? Wọ́n kò lè ṣubú mi. Nígbà tí a kan *arrive*, ó fọwọ́ sọ àyà, ó ní èyí ti bà á jẹ́, wọ́n lè dé ènìyàn, ṣebí wọ́n ń dé ọba ládé. Mo ní dé mìíràn nìyẹn, orí ló ń lọ, kì í ṣe ọ̀nà. Ó ní kí n má bínú, bí òun bá yege, òun náà ni wọ́n máa dé ládé, *Laddie was crowned*. Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn.

A gbé e lọ bá Tẹniọlá. Ọmọ náà jókòó sórí tábìlì. Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu, "wọ́n ṣẹlẹ̀ ìjàǹbá," ohùn rẹ̀ lọ́ bí ti òyìnbó, ó sì gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé kò bá ẹnu mu. Ó ní, "*Mummy*, ohun tí mo ti ń wá láti sọ fún wọn nìyí." Ó kìlọ̀ fún wa pé kò ní bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu, pé ká máa mú èyí tó bá ta kókó wá fún òun. Ó tún ní *was happening* wà, kò sì ní àbùkù. *-Ing* ló gbé *was* yẹn wá, ìyẹn ni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ládiípọ̀ kọ ìyẹn sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn, ó jókòó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ ìròyìn kan, Tẹniọlá ń wo aago. *The accident happened last night. A van arrived at twenty to nine. It hit the gate. The gate was damaged. The driver fell but he was not hurt.* Tẹniọlá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò fi bírò kàn án. Ó ní, "*Daddy, that's grand.*" Ọkọ mi yí ojú sí fèrèsé, kí a má bàa rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ni ìdánwò náà. Ọjọ́ kọkànlá ni ọjọ́ Ajé tí mo ti sọ fún yín.

Mi ò ní sọ nípa ilé ìwòsàn. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ọkàn ni, ó ní kò jẹ̀rora. Mo gbọ́ ọ bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ohun tí mo ń bi ara mi ni: ta ni? Mo ti gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó gbà pé nǹkan kì í dákẹ́ fúnra rẹ̀, mo ti di ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá a kiri. Mo ní iṣẹ́ òru ni. Mo ní awakọ̀ tó rò pé oorun ni. Mo ní èmi ni, tí mo fi iyọ̀ sí ọbẹ̀. Mo tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, mo sì padà lẹ́nu ọ̀nà, torí ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sán àti òru wá dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Mo ṣì ń rìn bí ológbò nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí.

Ní Ọjọ́rú, mo rántí pé Micah á máa retí rẹ̀ fún ìdánwò. Ilé-iṣẹ́ ti gbọ́ pé ó kú, Moyọ̀ ti pè wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìdánwò. Moyọ̀ ní, "*Mam, I'll text him, don't be worrying.*" Mo ní rárá. Mo ní kó fún mi ní pẹ́ńsùlù. Mo jókòó sí tábìlì kíṣìnì, mo kọ ọ́ fúnra mi, lẹ́tà ńláńlá:

*My husband was died on Monday.*

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo wò ó. Mo kà á sókè. Mo wá ṣe fún un bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn.

Wọ́n kú Ládiípọ̀.

Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Wọ́n lè pa ènìyàn. *Was killed* ni ìyẹn, dókítà sì ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí wọ́n kankan lẹ́yìn kú. Mo wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà bí ènìyàn ṣe ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wò ó pẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Awakọ̀ kò sí níbẹ̀. Èmi kò sí níbẹ̀. Ládiípọ̀ nìkan ló wà níwájú ọ̀rọ̀ náà, tó dá dúró, bí ó ṣe máa ń dá dúró ní ibùdókọ̀.

Mo fi rọ́bà pa *was* rẹ́. Ibi tó wà funfun díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. *My husband died on Monday.* Ìgbà yẹn ni mo sunkún, ẹkún àkọ́kọ́ tí kò ní ìbínú nínú.

Gbólóhùn kejì kò yọ mí lẹ́nu. *He will not come on Thursday.* Moyọ̀ kà á, kò tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́.

Micah wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú táì dúdú. Ó dì mọ́ mi, ó ní *Laddie* ti sọ fún òun ní ọjọ́ Furaidé pé òun ti rí ìdí *was*. Mo bi í bóyá ó sọ ìdí náà fún un. Ó ní rárá, *Laddie* ní kí òun dúró de Ọjọ́bọ̀.

Oṣù kẹrin ni ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sán náà. Ládiípọ̀ kò kọ ìdánwò náà.